Lẹ́tà tí a fi ń kọ iṣẹ́ láì ba ọ̀nà ọ̀la jẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Akáńtáǹtì ni mí, Òṣogbo ni mo sì ń gbé. Iléeṣẹ́ kan ní Iléṣà fi lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi lórí íméèlì lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ní kí n fèsì kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Mo ti rí òmíràn ní Òṣogbo níbí, òun ni mo sì fẹ́ ṣe. Ọ̀gá tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò ṣe dáadáa sí mi, ó tilẹ̀ ta mí lólobó pé àwọn ń gbèrò láti ṣí ẹ̀ka sí Òṣogbo. Báwo ni mo ṣe máa kọ̀wé sí wọn tí wọn ò fi ní bínú sí mi?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ ti Òṣogbo yẹn dáadáa. Bó bá jẹ́ pé ẹnu lásán ni wọ́n fi sọ ọ́, tí kò tíì sí ìwé tí ẹnì kan buwọ́ lù, ẹ má tíì kọ ti Iléṣà. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má dúró di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Níbi tí mo ti ń bá wọn gba òṣìṣẹ́, a kì í sábà tètè sọ fún ẹni tó ṣe ipò kejì pé iṣẹ́ ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. A máa ń dúró kí ẹni àkọ́kọ́ fèsì ná. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ títí tí ẹnì kejì fi ríṣẹ́ síbòmíràn, ìyẹn gan-an ni ohun tí a máa ń rántí mọ́ ọn, ju kíkọ̀ tó kọ̀ lọ.

Ẹ pe ọ̀gá náà lórí fóònù, kí ẹ sì kọ lẹ́tà lọ́jọ́ kan náà. Abẹ́ íméèlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín ni kí ẹ ti fèsì, kí ọ̀rọ̀ náà lè wà lójú kan. Ẹni tó buwọ́ lu lẹ́tà ni ẹ ó kọ ọ́ sí, ẹ ó sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ̀gá yẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ máa fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí yóò wà nínú rẹ̀ nìyí:

"Ẹ ṣeun fún iṣẹ́ akáńtáǹtì tí ẹ fi lọ̀ mí nínú lẹ́tà yín ti ọjọ́ Ajé. N kò ní lè gbà á, nítorí pé mo ti gba iṣẹ́ mìíràn ní Òṣogbo. Mo dúpẹ́ bí ẹ ṣe fara balẹ̀ ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Bí iṣẹ́ ìṣirò owó bá ṣí sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín ní Òṣogbo lọ́jọ́ iwájú, inú mi yóò dùn bí ẹ bá fi tó mi létí."

Ẹ kíyè sí i pé gbólóhùn kejì ni ìkọ̀ náà ti wáyé. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà máa ń jẹ́ ká fẹ́ yí ọ̀rọ̀ po, ká kọ "ẹ jẹ́ kí n ṣì rò ó wò" tàbí "kò rọrùn fún mi lásìkò yìí". Ẹni tó bá ka ìyẹn níléeṣẹ́ yóò rò pé owó ni ẹ ń ná, yóò pè yín padà pé àwọn yóò fi díẹ̀ kún un, ẹ ó sì tún kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ dárúkọ iye tí ibi kejì fẹ́ máa san.

Ní ti ìdí tí ẹ ó sọ, gbólóhùn kan tó jẹ́ òótọ́ ti tó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ̀wé sí wa nígbà kan pé ìyá òun ń ṣàìsàn, a sì bá a kẹ́dùn. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí mo pàdé rẹ̀ ní Ọjà Ọba pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ iléeṣẹ́ mìíràn lọ́rùn. Òun ló kọ́kọ́ yíjú kúrò. Ká ní ó sọ pé òun ti ríṣẹ́ mìíràn ni, ǹ bá bá a yọ̀.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn lẹ́tà yẹn ló gba ìṣọ́ra jù. Bí ẹ bá kàn kọ ọ́ pé "mo nírètí pé a ó tún jọ ṣiṣẹ́", ẹnikẹ́ni lè sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ohun tí wọ́n lè fi ṣe. Irú iṣẹ́ àti ìlú tí ẹ dárúkọ ni yóò jẹ́ kí wọ́n rántí yín. Ẹ má sì kọ ọ́ pé "nígbà tí ẹ bá ṣí ẹ̀ka yín", torí pé ọ̀gá yẹn lè má tíì sọ ọ́ fún ẹni tó buwọ́ lu lẹ́tà, ẹ ó sì ti kó o sí wàhálà. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá ti rí "ní Òṣogbo" nínú ẹ̀dà tirẹ̀, yóò ti mọ ohun tí ẹ ní lọ́kàn.

Bó bá jẹ́ pé ẹ ti buwọ́ lu ìwé ti Iléṣà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: àdéhùn ti wà nílẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ ka ohun tó sọ nípa iye ọjọ́ tí ẹ ó fi sọ fún wọn ṣáájú, kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan. Bó bá jẹ́ pé ẹ kò tíì buwọ́ lù ú, ẹ fi íméèlì náà pa mọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbọ́ pé ẹ̀ka náà ti ṣí, abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ ti kọ̀wé sí wọn.