Tíkẹ́ẹ̀tì méjì, wákàtí mẹ́ta: ṣé ó tó?

*Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọmọ mi ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi láti Àbújá, gba Fránkífọ́ọ̀tì àti Ṣikágò, dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Káńsásì Sítì. Mo fẹ́ fúnra mi ra ti Alákìá sí Àbújá. 5:30 ìrọ̀lẹ́ ni ìyẹn máa balẹ̀, ti òkè òkun á gbéra ní 8:30. Ní Ṣikágò, wákàtí méjì ni mo ní. Ṣé àkókò yìí tó? Ìyá kan, Bódìjà.*

Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra ti 5:30 yẹn. Ti Àbújá ló ń bà mí lẹ́rù ju ti Ṣikágò lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wákàtí rẹ̀ pọ̀ jù.

Ìdí ni pé tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ilé iṣẹ́ tó gbé yín láti Alákìá kò mọ̀ pé ẹ ṣì ń lọ Amẹ́ríkà, èyí tó ń gbé yín lọ Amẹ́ríkà kò sì mọ̀ pé Ìbàdàn lẹ ti ń bọ̀. Tí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́, ilé iṣẹ́ kejì á kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ kò wá ni. Owó lè lọ, wọ́n sì lè fagi lé ìyókù ìrìnàjò náà, títí kan ti àbọ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ má ka 8:30, 7:30 ni kẹ́ ẹ kà, nítorí wọ́n sábà máa ń ti káńtà ìgbẹrù ní wákàtí kan ṣáájú ìgbéra. Ẹ balẹ̀ ní 5:30. Kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, kí ẹrù tó yí dé iwájú yín, ẹ fi ogójì ìṣẹ́jú sí i: 6:10. Tẹ́mínà ti òkè òkun kì í ṣe ilé kan náà pẹ̀lú ti abẹ́lé, ẹ ó ti ẹrù lọ síbẹ̀, wọn ó sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́nu ọ̀nà: 6:30. Ìlà káńtà, ogójì ìṣẹ́jú: 7:10. Ogún ìṣẹ́jú péré ló ṣẹ́kù. Ta ni kò tíì jókòó ju ogún ìṣẹ́jú lọ ní Alákìá kí wọ́n tó ní kí èrò wọlé? Ní àsìkò ọyẹ́, tí eruku bá bo ojú ọ̀run, wọ́n lè fagi lé bàálù ọjọ́ náà pátápátá.

Oníbàárà mi kan ṣe irú èyí lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Ó dé iwájú káńtà nígbà tí wọ́n ti tì í ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ sẹ́yìn. Ó ń wo àwọn tó ń kó ìwé jọ, wọn kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò ta irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ wọ bàálù lọ sí Àbújá ní ọjọ́ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ sùn síbẹ̀. Ẹ tún wo ìwọ̀n ẹrù. Tíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà sábà máa ń gba àpò méjì, kílò 23 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ti abẹ́lé sábà máa ń jẹ́ kílò 20 lápapọ̀. Ẹ béèrè iye owó àlékún kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ẹ ó rí `ABV` lórí ìwé tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ẹrù ní Alákìá, ìyẹn ni pé Àbújá ni ẹrù náà parí sí. Ẹ gbọ́dọ̀ gbà á, kẹ́ ẹ sì tún fi í sílẹ̀ ní káńtà ti òkè òkun.

Ti Àbújá lọ Káńsásì Sítì yàtọ̀, nítorí tíkẹ́ẹ̀tì kan ni. Tí ẹ bá pàdánù bàálù Ṣikágò nítorí pé ti Fránkífọ́ọ̀tì pẹ́, ilé iṣẹ́ bàálù náà ni yóò fi yín sí èyí tó tẹ̀ lé e, láìgba owó. Ní Fránkífọ́ọ̀tì, ẹrù á kọjá fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Ṣikágò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé `MCI` ti Káńsásì Sítì ló wà lórí ẹrù, ẹ ó gbà á, nítorí ibẹ̀ lẹ ti kọ́kọ́ wọ Amẹ́ríkà. Ẹ ó to ìlà pásípọ́ọ̀tù, ẹ ó gbé ẹrù kọjá lọ́dọ̀ aṣọ́bodè, ẹ ó sì fi sílẹ̀ ní káńtà tó wà lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ẹ ó wọ ọkọ̀ ojúurin kékeré láti Tẹ́mínà 5 lọ sí tẹ́mínà abẹ́lé, wọn ó sì tún yẹ̀ yín wò. Wákàtí méjì há níbẹ̀. Kí ọmọ yín pè wọ́n, kó sọ pé òun fẹ́ bàálù tó tẹ̀ lé e, kó lè tó wákàtí mẹ́ta.

Ẹ so aṣọ àǹkárá pupa mọ́ ọwọ́ àpò yín, kẹ́ ẹ lè dá a mọ̀ lórí bẹ́líìtì. Àti pé, ẹ má kó pọ̀ǹmọ́ tàbí ẹran gbígbẹ sínú rẹ̀. Wọn ò gbà á wọlé, tí wọ́n bá sì fi yín sí ìlà ìyẹ̀wò oúnjẹ, wákàtí mẹ́ta náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Ẹ̀lùbọ́ tó bá wà nínú ọ̀rá tí wọ́n dì dáadáa lè lọ, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ fún wọn pé ó wà níbẹ̀.