"Approved" ti jáde, àmọ́ AVS ní N

*Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí o. Ọ́dà ìlù dùndún mẹ́ta wọlé láti Amẹ́ríkà lálẹ́ àná, "Approved" ni wọ́n kọ sí i, àmọ́ nísàlẹ̀ ẹ̀ mo rí CVV: M, AVS: N. Ṣé kí n gbé ọjà fún wọn àbí kí n dúró?*

Ẹ dúró ná, ẹ má tíì di ẹrù kankan. Igbá fínfín àti ìlù lèmi náà ń tà láti Ọ̀yọ́ níbí, ìtòsí Akẹ̀sán, àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ló sì ń rà jù lọ́wọ́ mi, torí náà ojú mi ti rí màbo lórí ọ̀rọ̀ káàdì yìí.

"Approved" tẹ́ ẹ rí yẹn, gbogbo ohun tó ń sọ ò ju pé káàdì ṣì ń ṣiṣẹ́, owó sì wà nínú ẹ̀. Kò sọ pé ẹni tó ni káàdì ló ń rajà o. Báǹkì tó fún onítọ̀hún ní káàdì máa ń dá yín lóhùn lórí owó lọ́tọ̀, lórí kóòdù, ìyẹn CVV, lọ́tọ̀, lórí àdírẹ́sì náà, ìyẹn AVS, lọ́tọ̀, ó sì lè ní kí owó jáde kó tún sọ lẹ́sẹ̀ kan náà pé àdírẹ́sì ò bá mu rárá, torí ẹ̀yin ọlọ́jà ni wọ́n ní kẹ́ ẹ pinnu ohun tẹ́ ẹ máa fìyẹn ṣe. Tí ọjà bá wá lọ sọ́wọ́ olè, ọrùn yín ló máa já lé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú CVV. Nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn Visa àti Mastercard ni, ti American Express jẹ́ mẹ́rin, iwájú ló sì wà. Báǹkì ló fi nọ́ńbà káàdì, ọjọ́ tó máa kú, àti kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan tó wà nínú ẹ̀rọ tiwọn ṣírò ẹ̀, kò sì sí nínú okùn dúdú tó wà lẹ́yìn káàdì, tibẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá jí dátà inú okùn yẹn nílé epo lè rí nọ́ńbà káàdì àmọ́ kò ní rí mẹ́ta yẹn ńbẹ̀. Òfin àwọn ilé iṣẹ́ káàdì náà sì ni pé ọlọ́jà kankan ò gbọ́dọ̀ tọ́jú CVV lẹ́yìn tí báǹkì bá ti dáhùn, ì báà tì í mọ́nú àpótí, kí olè tó bá já wọ kọ̀ǹpútà ọlọ́jà má bàa bá a níbẹ̀. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ní kí oníbàárà ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn káàdì ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jáwọ́ ńbẹ̀, ẹ̀ ń ba nǹkan jẹ́ ni.) Torí náà M tẹ́ ẹ rí yẹn, ìyẹn pé kóòdù bá mu, ń sọ pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti fojú kan káàdì, àbí kó ti tan ẹni tó ni ín débi tíyẹn fi kó gbogbo ẹ̀ fún un. Tó bá jẹ́ N ni CVV gbé wá, ìyẹn pé kò bá mu, èmi kì í tiẹ̀ bá a débì kankan.

AVS ni tiyín ti há. Ohun tó ń yẹ̀ wò ni àdírẹ́sì tó wà lákọọ́lẹ̀ ní báǹkì oníbàárà, nọ́ńbà nìkan ló sì ń wò, ìyẹn nọ́ńbà ilé àti ZIP, kò kan orúkọ títì. Y ni pé méjèèjì bá mu, A ni pé nọ́ńbà ilé nìkan ló bá mu, Z ni pé ZIP nìkan ló bá mu, N ni pé kò sí èyí tó bá mu. Amẹ́ríkà, Kánádà àti UK ló ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, torí náà tí káàdì Nàìjíríà bá gbé U, S tàbí G wá, ẹ má torí ìyẹn fura sẹ́nikẹ́ni, kò kàn sí ohun tí wọ́n fẹ́ fi wé ni, OTP ni ká máa wò níbẹ̀.

Ẹ wo irú ọ́dà yín gẹ́lẹ́ tó wá sọ́dọ̀ mi. Màmá kan ní Houston fẹ́ ra igbá fún ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀, ó kọ nọ́ńbà ilé 3105, ZIP 77083, CVV gbé M, AVS gbé N. Mo pè wọ́n lórí fóònù, mo kí wọn dáadáa, mo wá bi wọ́n pé, "Mà, àdírẹ́sì wo ló wà lórí ìwé tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ sí yín?" Mi ò sọ fún wọn pé ZIP ni kò bá mu àbí nọ́ńbà ilé, torí tó bá jẹ́ olè, èèyàn kì í fọwọ́ ara ẹ̀ kọ́ ọ bó ṣe máa gbìyànjú padà. Wọ́n ní, "Háà ọmọ mi, a ti kó kúrò nílé yẹn o, mi ò tíì sọ fún báǹkì." Wọ́n wá ka àdírẹ́sì àtijọ́ fún mi láì wojú ìwé, 1420, ZIP 77036, wọ́n tún un tẹ̀, Y jáde. Ohun tó mú ọkàn mi balẹ̀ gan-an ni pé olè tó kàn rí káàdì he ò lè mọ ilé tí wọ́n gbé tẹ́lẹ̀. Ìgbà míì sì rèé, oníbàárà á kọ nọ́ńbà fúláàtì ṣáájú nọ́ńbà ilé, Z lá wá jáde, kò sì sí jìbìtì kankan níbẹ̀.

Àmọ́ Y àti M náà ò tán ọ̀rọ̀ o. Mo ti gba ọ́dà tó mú méjèèjì wá rí, ilé ẹlòmíì ní ìpínlẹ̀ míì ni wọ́n ní kí n kó o lọ, lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan báǹkì gba owó padà lọ́wọ́ mi, igbá ti lọ, owó ti lọ. Ẹnì kan ti fi ojú ìwé ayédèrú gba gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni káàdì, àti kóòdù àti àdírẹ́sì. AVS ò mọ ibi tí ẹrù ń lọ, àdírẹ́sì báǹkì nìkan ló mọ̀, ẹni tó ni káàdì sì máa ń ní tó 120 ọjọ́ láti pariwo. Ọ́dà olówó ńlá báyìí, 3-D Secure ni mo máa ń ní kí wọ́n gbà kọjá, torí tí báǹkì bá ti fi ìyẹn dá oníbàárà mọ̀, àwọn ló sábà máa ń ru ẹrù jìbìtì, kì í ṣe èmi.

Fún tiyín, ẹ wo ibi tí wọ́n ní kẹ́ ẹ kó ìlù lọ, tó bá jẹ́ ibùdó àwọn tó ń báni kó ẹrù lọ síbòmíì, tí wọ́n tún ń kánjú, tí wọn ò sì gbé fóònù, ẹ dá owó padà. Tí wọ́n bá gbé e, ẹ bi wọ́n bí mo ṣe bi màmá yẹn. Kẹ́ ẹ tó ní kí wọ́n tún un tẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tẹ Void sórí ti àkọ́kọ́, torí "Approved" yẹn ti so owó wọn mọ́lẹ̀ ní báǹkì bẹ́ ẹ tiẹ̀ kọ ọ́dà náà, wọ́n á wá rí i pé owó já lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá ti di ọjọ́ kejì tí owó ti lọ sílẹ̀ pátá, Void ò ní ṣiṣẹ́ mọ́, Refund lẹ máa lò, ìyẹn sì máa ń gba ọjọ́ díẹ̀ kó tó dé ọwọ́ wọn, ẹ tètè sọ fún wọn.