Rìsíìtì Ejẹ́ńtì Kì í Ṣe Tíkẹ́ẹ̀tì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì British Airways fún màmá mi, láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, lọ́wọ́ ejẹ́ńtì kan n'Íbàdàn. Ó ti fi rìsíìtì àti tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ lórí Wasáàpù. Ó ku bí oṣù kan àti ààbọ̀ kí màmá lọ. Báwo ni mo ṣe lè gbọ́ ọ lẹ́nu iléeṣẹ́ bàálù fúnra wọn pé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ gbé rìsíìtì yẹn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Kò sọ ju pé ẹ sanwó fún ejẹ́ńtì lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì tó fi ránṣẹ́ náà kò tíì tó ẹ̀rí, torí ẹni tó bá mọ kọ̀ǹpútà lò díẹ̀ lè mú tíkẹ́ẹ̀tì ẹlòmíì, kó yí orúkọ àti ọjọ́ inú rẹ̀ padà. Nǹkan méjì ni kí ẹ wá lára rẹ̀, torí àwọn ni iléeṣẹ́ bàálù fi ń wá èrò rí nínú ẹ̀rọ wọn.

Àkọ́kọ́ ni kóòdù ẹlẹ́yọ mẹ́fà, irú bíi K7WQ2M, tí wọ́n máa ń kọ "Booking reference" tàbí "PNR" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èkejì ni nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì gan-an, tó jẹ́ ẹyọ mẹ́tàlá. Mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ló ń sọ iléeṣẹ́ tó ni tíkẹ́ẹ̀tì: 125 ni ti British Airways, 932 ni ti Virgin Atlantic, 071 sì ni ti Ethiopian. Bí ti màmá bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà mìíràn, ẹ bi ejẹ́ńtì léèrè, àmọ́ ẹ má tíì pè é lólè, torí iléeṣẹ́ kan lè ta ààyè nínú bàálù iléeṣẹ́ mìíràn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Kóòdù ẹlẹ́yọ mẹ́fà ń fi hàn pé wọ́n ti gba ààyè sílẹ̀ lórúkọ màmá. Nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́tàlá ló ń fi hàn pé wọ́n ti tẹ tíkẹ́ẹ̀tì. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ní kí ìyá aláṣọ bá òun fi àǹkárá kan pamọ́: ó wà níbẹ̀ lórúkọ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí kò bá sanwó lásìkò, ẹlòmíì ni yóò rà á lọ. Ejẹ́ńtì lè gba ààyè láìná kọ́bọ̀. Iléeṣẹ́ bàálù á fún un ní gbèdéke, bí gbèdéke yẹn bá sì kọjá láìtẹ tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ á pa ààyè náà rẹ́.

Ẹ wá lọ sí ba.com, kí ẹ wọ ibi tí wọ́n kọ "Manage My Booking" sí. Ẹ tẹ kóòdù náà, kí ẹ tẹ orúkọ ìdílé màmá bó ṣe wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, láìsí àmì ohùn. Bó bá gbé e jáde, ẹ fi orúkọ wé pásípọ́ọ̀tù lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹ̀rọ sábà máa ń lẹ "MRS" mọ́ ìparí orúkọ wọn; ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe.

Bí kò bá gbé nǹkan kan jáde ńkọ́? Ó lè má jẹ́ jìbìtì. Orí ẹ̀rọ bíi Amadeus, Sabre tàbí Travelport ni àwọn ejẹ́ńtì ti ń gba ààyè, kálukú wọn ló sì ní kóòdù tirẹ̀. Inú Amadeus ni British Airways ń tọ́jú ààyè tiwọn sí, nítorí náà bí ejẹ́ńtì yín bá ń lo Sabre, kóòdù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè má jẹ́ èyí tí ba.com mọ̀. Ẹ sọ fún un pé kóòdù ti British Airways fúnra wọn lẹ fẹ́. Ó ń wò ó lójú ẹ̀rọ rẹ̀. Kò yẹ kó gbà á ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kóòdù máa jáde bó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, irọ́ ni. Bó bá ní kí ẹ lọ wò ó lórí ìkànnì CheckMyTrip tàbí ViewTrip, ìyẹn náà kò tó, torí ohun tó wà nínú ẹ̀rọ tí ejẹ́ńtì ń lò ni wọ́n máa ń gbé jáde.

Bí ẹ bá tiẹ̀ rí ààyè náà lórí ba.com, ẹ ṣì pè wọ́n. Orí ba.com ni kí ẹ ti mú nọ́ńbà fóònù wọn, kì í ṣe lára ìwé tí ejẹ́ńtì fi ránṣẹ́. Ẹ bi wọ́n pé: "Ṣé ẹ ti tẹ tíkẹ́ẹ̀tì fún ààyè yìí, ṣé nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ mi ló sì jẹ́?" Kí ẹ tún bi wọ́n bóyá tíkẹ́ẹ̀tì náà ṣì wà ní "open". Èyí ni pé wọn kò tíì lò ó, wọn kò sì fagi lé e. Bí wọ́n bá dáhùn pé "void" tàbí "refunded", tíkẹ́ẹ̀tì ti kú nìyẹn, bí ìwé ọwọ́ yín ti wù kó rẹwà tó.

Ibẹ̀ ni àwọn tó gbọ́n jù nínú oníjìbìtì ti ń ṣiṣẹ́. Ká ní ejẹ́ńtì kan tẹ tíkẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ ọjọ́ Tuside. Oníbàárà wò ó lórí ba.com lọ́sàn-án, ó pe iléeṣẹ́, gbogbo rẹ̀ pé. Kó tó di aago méjìlá òru, ejẹ́ńtì fagi lé e. Òfin ọjà gbà á láàyè, torí ejẹ́ńtì sábà máa ń lè fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tó tẹ̀ ẹ́ láìsan owó ìtanràn. Nítorí náà, ẹ tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ kejì. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n lè dá owó rẹ̀ padà, ewu ṣì wà lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, torí ọ̀dọ̀ ejẹ́ńtì tó sanwó fún iléeṣẹ́ ni owó máa padà sí, kì í ṣe ọ̀dọ̀ yín. Irú ìyẹn, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí màmá á fi wọkọ̀.

Ẹ tún wo ibi tí wọ́n kọ "Form of payment" sí lára tíkẹ́ẹ̀tì. Bó bá jẹ́ káàdì tí ẹ kò mọ̀, ẹ béèrè ẹni tó ni ín. Ejẹ́ńtì mìíràn máa ń fi káàdì ara rẹ̀ ra á, kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń fi káàdì tí wọ́n jí ra tíkẹ́ẹ̀tì tòótọ́, wọ́n á sì tà á ní owó pọ́ọ́kú. Bí ẹni tó ni káàdì bá fẹjọ́ sun báǹkì rẹ̀, iléeṣẹ́ bàálù lè fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì náà nígbàkigbà, kódà kó jẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú. Gbogbo àyẹ̀wò tí mo kà sókè yìí kò lè gba èèyàn lọ́wọ́ ìyẹn tó bá ti ṣẹlẹ̀. Iye tó bá fi púpọ̀ rẹlẹ̀ ju ti ba.com lọ ni kó kọ́kọ́ ta yín lólobó.

Bó bá hàn pé kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ní kí ejẹ́ńtì tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà tàbí kó dá owó padà. Iléeṣẹ́ bàálù kò ní san án fún yín, torí owó kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀rí báǹkì àti ọ̀rọ̀ Wasáàpù yẹn lẹ máa gbé lọ bá ọlọ́pàá, nítorí náà ẹ má pa wọ́n rẹ́. Kí ẹ sì má gbé àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì màmá sórí Fesibúùkù: ẹnikẹ́ni tó bá rí kóòdù yẹn àti orúkọ ìdílé wọn lè wọlé lọ yí ìrìn àjò náà padà.