Ìlà kékeré àti ọ̀pá aláwọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì Excel

*Mo kọ iye tí ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin tà fún oṣù mẹ́fà sínú Excel. Báwo ni mo ṣe máa fi ìlà kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí n rí èyí tó ń gòkè?*

Ká ní iye náà wà láti B2 dé G5. Ẹ fa máúsì láti H2 dé H5, ẹ lọ sí Insert, kí ẹ tẹ Line lábẹ́ Sparklines. Ẹ kọ B2:G5 sínú Data Range, kí ẹ tẹ OK.

Ṣùgbọ́n ìlà wọ̀nyí lè tan yín jẹ, torí pé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni Excel ń wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣọ́ọ̀bù tó kúrò ní ₦40,000 bọ́ sí ₦44,000 lè gòkè bákan náà pẹ̀lú èyí tó kúrò ní ₦400,000 bọ́ sí ₦900,000. Bí ẹ bá fẹ́ fi wọ́n wéra, ẹ tẹ ọ̀kan nínú wọn, ẹ lọ sí Sparkline, lẹ́yìn náà Axis, kí ẹ yan Same for All Sparklines níbi méjèèjì tó ti wà. Ìlà ṣọ́ọ̀bù kékeré á fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bó bá jẹ́ ìrìn ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan nìkan lẹ fẹ́ wò, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Fún àròpọ̀ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ní I2 dé I5, ọ̀pá aláwọ̀ ló dára jù: Home, Conditional Formatting, Data Bars. Ẹ má mú àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ ní I6 mọ́ ọn, torí ọ̀pá tirẹ̀ á gba gbogbo sẹ́ẹ̀lì, àwọn yòókù á sì dà bí kùkùté.

Bọ́tìnì Delete kì í pa ìlà kékeré rẹ́ o. Clear tó wà lábẹ́ Sparkline ni ẹ máa tẹ̀.