Ọjà àti gbèsè tí olóògbé fi sílẹ̀

Ìbéèrè: Màmá wa tó ń ta aṣọ l'Ádó-Èkìtì kú láì ṣe ìwé ìhágún. Ṣé àwa ọmọ la máa san gbèsè rẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá, inú ogún la ti ń san án, àfi tí ẹ bá ti ṣe onídùúró fún un. Ẹ má tíì pín aṣọ kankan o. Ẹ kà á sílẹ̀, kí ẹ lọ gba ìwé àṣẹ àbójútó ogún ní Ilé Ẹjọ́ Gíga. Báńkì ò ní tú àkáǹtì rẹ̀ sílẹ̀ láìsí i. Ká ní aṣọ tó ₦600,000, àwọn oníbàárà jẹ ẹ́ ní ₦150,000, òun náà jẹ ₦400,000: ₦350,000 ló kù, kẹ́ ẹ tó yọ owó ìsìnkú. Oníbàárà tó sanwó sílẹ̀ tí kò tíì gba aṣọ, gbèsè nìyẹn náà. Ìwé gbèsè màmá yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá.