Ọ̀gá ní kí n wo ripọ́ọ̀tì, mi ò sì rí fáìlì kankan

Ìbéèrè: Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì wa n'Íbarà kọ ímeèlì sí mi láàárọ̀ yìí pé kí n ka ripọ́ọ̀tì tó wà níbẹ̀, kí n fún àwọn lésì kó tó di aago 2. Mi ò rí fáìlì, mi ò rí lìnkì. Ojú ń tì mí láti béèrè, ṣé kí n ṣáà kọ pé mo ti rí i, kí n wá máa wá a?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, jọ̀ọ́ má kọ ọ́ o. Tó o bá ti ní o rí i, ọ̀gá á ti gbọ́kàn kúrò níbẹ̀ nìyẹn, tó bá wá di aago 2 ìwọ lo máa jẹ̀bi. Má sì lọ fi ripọ́ọ̀tì oṣù tó kọjá dáhùn, torí ó lè má jẹ́ òun ni wọ́n ń sọ.

Wo ìsàlẹ̀ ímeèlì yẹn ná, ṣé ọ̀rọ̀ ẹlòmíì wà níbẹ̀? Tó bá wà, tí o ò sì rí `Forwarded message` lórí ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé `Reply` ni ọ̀gá tẹ̀, wọ́n kàn fi orúkọ ẹ kún un. `Reply` kì í gbé fáìlì dání, `Forward` ló ń gbé e. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà níbiṣẹ́ kan tí mo ti ṣe rí, àkáǹtì fi iye àdìrẹ tó lọ sí Ìtòkú ránṣẹ́ sí ọ̀gá, ọ̀gá tẹ̀ `Reply`, ó fi mí sí `Cc`, ó ní "wo eléyìí", fáìlì sì wà lọ́dọ̀ tiẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó dá a lójú pé èmi náà ń rí i. Mo pe àkáǹtì, kò tó ìṣẹ́jú 5 tó fi fi í ránṣẹ́.

Tí kò bá sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì, tí Gmail lò ń lò, ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, tẹ tóótòótó mẹ́ta tó wà lápá ọ̀tún, mú `Show original`, kó o wá eléyìí níbẹ̀:

```
Content-Disposition: attachment
```

Tó bá wà, fáìlì dé, fóònù ẹ ni ò fi hàn. Tí kò bá sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n gbàgbé láti so ó mọ́ ọn ni.

Kọ báyìí sí wọn: "Ẹ káàárọ̀ sà. Mo rí ímeèlì yín ti aago 9:10, àmọ́ fáìlì ripọ́ọ̀tì yẹn ò bá a wá. Ṣé ti oṣù yìí ni sà? Tó bá ti dé báyìí, ẹ máa rí èsì mi kó tó di aago 2." Má wulẹ̀ tọrọ àforíjì, o ò ṣẹ̀ wọ́n. Tí ìṣẹ́jú 20 bá kọjá tí wọn ò dáhùn, pè wọ́n lórí fóònù. Tó bá wá jẹ́ lìnkì ni wọ́n fi ránṣẹ́, torí Gmail kì í gbé fáìlì tó ju 25MB lọ, tẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀, tó bá ń ní kó o tẹ `Request access`, sọ fún wọn kí wọ́n ṣí i fún ẹ.