Ìdí tí irin fi ń jáde ní dúdú nínú Blender

Ìbéèrè: Mo ṣe aago ọwọ́ onírin nínú Blender, mo sì fi Metallic sí 1, àmọ́ dúdú ló ń jáde. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Gbé ohun tó mọ́lẹ̀ tó sì tóbi sí tòsí rẹ̀. Ohun tó yí irin ká ló ń hàn lára rẹ̀ bíi dígí, àwọ̀ eérú tó ṣókùnkùn sì ni World máa ń jẹ́ tí o kò bá yí i padà.

Fi iná Area kan sí ẹ̀gbẹ́ aago náà, kí ó fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Ìlà funfun gígùn yóò hàn lára irin. Iná kékeré kò lè ṣe bẹ́ẹ̀: tótó kan ṣoṣo ni yóò fi síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbé Roughness sí bíi 0.2, torí irin gidi kì í dán láìlábàwọ́n, kí o sì fi Bevel tín-ínrín sí àwọn etí aago, kí ìmọ́lẹ̀ lè rí ibi mú. Ní ti kámẹ́rà, Focal Length 85 mm kì í jẹ́ kí aago wú lójú bí ìgbà tí a bá sún mọ́ ọn jù.

Tó bá jẹ́ pátákó funfun lo lò dípò iná, Cycles ni kí o fi rẹ́ńdà. EEVEE kì í sábà rí ohun tí kò sí lójú kámẹ́rà.